Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Oṣù Tí Iṣẹ́ Kò Yá? Kọ̀míṣọ́ọ̀nù, Owó Àga àti Owó Oṣù ní Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń bá mi dirun mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Odò-Orí, ní Ìwó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Owó mi kò pé."

Nínú ìwé tirẹ̀, ₦60,000 ni mo jẹ ẹ́. Nínú ìwé tèmi, ₦44,000 ni. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú àwa méjèèjì. A ti jọ fẹnu kò pé yóò máa gba ìdá 40 nínú 100. Ohun tí a kò sọ ni pé, ìdá 40 nínú kí ni?

₦150,000 ni àwọn oníbàárà tí ó ṣe irun wọn san ní oṣù náà. Nínú owó yìí, ₦40,000 ni mo fi ra àtàṣímẹ́ǹtì, rìlásà àti ṣampúù tí ó lò. Ó ṣírò ìdá tirẹ̀ láti inú gbogbo owó tí ó wọlé. Èmi yọ owó ọjà kúrò kí n tó pín. Bí èyí kò bá yé yín dáadáa, ẹ wo oníbàárà kan ṣoṣo. Ó san ₦12,000, àtàṣímẹ́ǹtì orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦7,000. Owó iṣẹ́ gan-an kò ju ₦5,000 lọ. Bí onídìrí bá gba ìdá 40 nínú ₦12,000, ₦4,800 ni yóò mú lọ, ₦200 ni yóò sì kù fún ṣọ́ọ̀bù, láìtíì san owó ilé tàbí ra epo jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, owó iṣẹ́ ni ó yẹ kí a máa pín, kì í ṣe owó ọjà. Ìlà méjì ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé: ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún iṣẹ́.

Ìjà yìí ni ó mú kí n jókòó wo ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà sanwó fún onídìrí: kọ̀míṣọ́ọ̀nù, owó oṣù, àti owó àga. Ọ̀nà kẹta yìí, tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, dà bí dílífà tí awakọ̀ ń san fún olówó ọkọ̀: onídìrí yóò san iye kan fún àyè tí ó ń lò, gbogbo ohun tí ó bá kù sì di tirẹ̀.

Oṣù tí ó dára kì í fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Oṣù tí iṣẹ́ kò yá ni ó ń fi í hàn. Ní Ìwó, oṣù Ràmàdáánì máa ń dákẹ́ títí yóò fi ku bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọdún. Bí ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bówẹ̀n bá tún bọ́ sí àkókò náà, a óò kàn máa lé eṣinṣin ni. Ká ní owó iṣẹ́ ẹni kan náà já wálẹ̀ láti ₦110,000 sí ₦45,000, nígbà tí ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé, iná àti epo ṣì jẹ́ ₦30,000.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀míṣọ́ọ̀nù ìdá 40, ₦18,000 ni yóò gbà, èmi yóò sì fi ₦3,000 kún un láti inú àpò mi kí n tó lè san ìnáwó ṣọ́ọ̀bù. Àwa méjèèjì jọ ru ẹrù náà. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù ₦40,000, òun kò mọ̀ pé oṣù náà burú. Èmi ni yóò pàdánù ₦25,000. Bí ó bá jẹ́ owó àga ₦35,000, èmi yóò rí èrè ₦5,000 tí mo máa ń rí, ṣùgbọ́n ₦10,000 péré ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù tí ó dára ẹ̀wẹ̀, ₦75,000 ni ìbá kó lọ sílé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ: ẹni tí ó bá ru ẹrù oṣù burúkú ni ó ń jẹ èrè oṣù dáadáa.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àìsàn tirẹ̀. Owó oṣù a máa mú ọwọ́ lọ́ra, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Ẹ padà wá lọ́la." Kọ̀míṣọ́ọ̀nù a máa mú kí wọ́n jà lórí oníbàárà tí ó bá wọlé láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, bí a kò bá to orúkọ wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹni tí ó bá yá àga kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín mọ́: ẹ kò lè sọ iye tí yóò gbà lórí ṣùkú fún un, tàbí aago tí yóò dé. Ẹni tí ó ti ní oníbàárà tirẹ̀ nìkan ni ọ̀nà yìí yẹ.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ ti irun dídì gan-an. Ẹnì kan lè fọ irun tàbí gẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí irun oní-fọ́nrán wẹ́wẹ́. Ta ni yóò gba kọ̀míṣọ́ọ̀nù? Ní ọ̀dọ̀ mi, ẹni tí ó la irun tí ó sì di iwájú orí ni yóò gba ìdajì, nítorí òun ni yóò tú u tún dì bí kò bá dára. Àwọn yòókù yóò pín ìdajì tó kù.

Ẹni kẹta sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lójú àṣà, òun ni ó ń sanwó ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ nìkan ni ọ̀gá ń fún un. Èyí tọ́ nígbà tí ó ṣì ń fọ irun tí ó sì ń na àtàṣímẹ́ǹtì lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan yóò dé tí yóò di orí kan tán, tí ẹnikẹ́ni kò ní tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, ó ti ń mówó wọlé. Mo máa ń kọ ìdá 10 nínú owó iṣẹ́ irú orí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un. A ń fi pamọ́ di ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ó lè fi ra dírayà.

Ẹ má ṣe rò pé òfin yóò bá yín yanjú èyí. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019, tí iye rẹ̀ di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì de ẹni tí a ń fi kọ̀míṣọ́ọ̀nù sanwó fún. Ìwé àdéhùn yín nìkan ni ẹ ní.

Mo san ₦16,000 tó kù fún ọmọ náà, nítorí èmi ni ọ̀gá, èmi ni ó yẹ kí n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a jọ kọ tuntun, a sì fọwọ́ sí i: ìdá 40 nínú owó iṣẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọjà; bí kò bá tó ₦25,000 ní oṣù kan, èmi yóò fi kún un títí yóò fi pé, kì í sì í ṣe gbèsè sí i lọ́rùn. Ní oṣù bíi ti Ràmàdáánì yẹn, yóò ná mi ní ₦10,000. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo máa ń yọ ọ́ pamọ́ nígbà Iléyá.