Iṣẹ́ Oṣù Márùn-ún, Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́fà: Bí A Ṣe Ń Tò Wọ́n Sínú Sífíì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Àjọ Ètò Ìkànìyàn Nàìjíríà rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti béèrè ọ̀rọ̀ nípa ìlera, ọmọ bíbí àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ní agboolé tó lé ní 40,000. Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa parí, ìwádìí náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ó bá kan kọ ọ́ sínú sífíì pé oṣù kẹjọ lòun bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá lòun kúrò, ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lè rò pé wọ́n lé e ni, tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Báyìí ni ó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba dátà fún ètò ìlera. Owó tó ń bọ́ iṣẹ́ náà ló ń sọ iye oṣù tí yóò gbà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan ní Ìbàdàn tó kàwé nípa ìṣirò. Ó ṣe ìwádìí ọdún 2018 yẹn. Lọ́dún 2019, ó fi oṣù mẹ́fà tẹ àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà dé, ó fi oṣù mẹ́rin kọ orúkọ àwọn tó gbà á. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan ní ìṣirò lọ́dún 2022. Nígbà tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn tún ṣe irú ìwádìí yẹn ní ìparí 2023 wọ inú 2024, wọ́n pè é padà, ó sì di alábòójútó ikọ̀. Iṣẹ́ tó gbà tẹ̀ lé e, owó USAID ló ń bọ́ ọ. Ó dúró ní oṣù kìíní 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ òkèèrè dúró.

Tó bá to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó yí ọ̀gá padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ojú àìdúróṣinṣin ni wọn yóò fi wò ó. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ àkọlé kan ṣoṣo sókè: «Gbígba dátà àti àbójútó ìwádìí ìlera, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, 2018 sí 2025». Abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ márùn-ún yóò wà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lókè. Kí ó kọ orúkọ ètò náà, ẹni tó sanwó fún un, iye oṣù tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, àti ohun tó fi lélẹ̀ nígbà tó parí. «Kọ́ńtíráàtì oṣù márùn-ún, ìwádìí parí lásìkò» ti dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í. Iṣẹ́ olùkọ́ kò wọ abẹ́ àkọlé yẹn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, torí pé ọdún 2022 yóò ṣófo. Ìlà kan tó fún un nísàlẹ̀ ti tó.

Ohun tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pípè tí wọ́n pè é padà. Ẹni tó ń béèrè ìdáhùn lẹ́nu àwọn ènìyàn lọ́dún 2018 ló padà di alábòójútó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìlà àkọ́kọ́ tí wọn yóò kà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kì í pe ẹni tó bá iṣẹ́ jẹ́ padà.

Lórí LinkedIn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ka iye oṣù, tó sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́. Nítorí náà, kí ó yan `Contract` níbi tí wọ́n kọ `Employment type` sí, kí irú iṣẹ́ náà lè hàn pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́.

Bí ètò yìí bá ṣiṣẹ́, ìbéèrè tí wọn yóò bi í yóò yàtọ̀. Dípò «Kí ló dé tí o fi ń kúrò?», wọn yóò béèrè ọgbọ́n tó dá sí i nígbà tí ìdáhùn agboolé méjì bá jọra jù. Ṣùgbọ́n àkọlé kan kò lè bo iṣẹ́ tó fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó parí. Tó bá fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà, tó lo méjì, méjì ni kó kọ, kó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan nígbà tí wọ́n bá bi í, torí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lè pe ọ́fíìsì yẹn láti béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó kúrò.