Ìfilọ̀ Tó Ń Pe Ènìyàn Wá

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, akọ̀wé a dìde níwájú, a sì ka ìfilọ̀ sétí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń kà á. Kò sẹ́ni tó lè ní kó padà sẹ́yìn, àwọn tó mú bíírò wá kò sì pọ̀. Ohun tí etí bá gbà nígbà yẹn ló ń bá wọn délé. Síbẹ̀, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba la ṣe máa ń kọ ọ́. Ẹ wo irú èyí, tó lè jáde láti ìjọ èyíkéyìí:

“Gbogbo ọmọ ìjọ ni a ń fi tó létí pé ìpàdé pàjáwìrì yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Kókó ìpàdé: àtúnṣe òrùlé, ètò owó, àti ohun mìíràn tó bá jẹ yọ. Wíwá jẹ́ dandan. Ẹni tí kò bá wá yóò san ìtanràn.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ìyá àgbà kan gbọ́ ọ. “Pàjáwìrì” já a láyà, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ètò owó” sọ fún un pé wọ́n fẹ́ bu owó lé e lórí. “Ìtanràn” wá sọ ọ́ di ẹlẹ́bi kó tó ṣe ohunkóhun. Bó bá tilẹ̀ wá, pẹ̀lú ìfura ni yóò fi jókòó.

Tí wọ́n bá ní ká mú ọ̀yàyà wọ inú irú ìfilọ̀ yìí, àdúrà àti oríkì ìjọ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń tò síwájú. Kí wọ́n tó dé orí ọjọ́ àti aago, ọkàn ènìyàn ti lọ. Ibòmíràn ni iṣẹ́ wà. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ lọ bá alága, kó bi í pé: ìpinnu wo gan-an la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà? Bí alága kò bá rí èsì fọ̀, ìpàdé yẹn kò tíì tó pè. Bó bá fèsì, èsì yẹn ni ọkàn ìfilọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Gbogbo wa la rí i bí òjò ṣe ń jò sórí àwọn ọmọdé nínú kíláàsì wọn. Káfíńtà ti gòkè lọ wò ó, ó ní páànù apá ẹ̀yìn ti dípẹtà. Ṣé apá yẹn nìkan ni ká pààrọ̀, àbí gbogbo òrùlé? Ìgbìmọ̀ kò fẹ́ dá ìpinnu yìí ṣe, èrò yín là ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pé ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Òkúdu, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. A ó túká ní aago márùn-ún ààbọ̀. A kò ní gba owó lọ́jọ́ náà. Iye tí káfíńtà kọ sílẹ̀ la ó kà sí yín létí. Ẹ lè mú ọmọ dání, àwọn ọ̀dọ́ yóò tọ́jú wọn. Ẹni tí kò bá ní ráàyè, kó sọ èrò rẹ̀ fún olórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Sátidé, ọjọ́ 14, aago mẹ́rin.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tí kò ní iṣẹ́. Ohun tí olúkúlùkù ti fojú rí ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣe kàyéfì. Ìbéèrè tó bi wọ́n ló rọ́pò “dandan”: ẹni tí a bi ní èrò rẹ̀ ti ń ronú lórí rẹ̀ kó tó kúrò lórí ìjókòó. “Sátidé tó ń bọ̀” náà ti kúrò, nítorí àwọn kan á gbọ́ ọ sí ti ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn mìíràn sí ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ àti aago tún padà wá lẹ́yìn, fún ẹni tí ọmọ ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ wọn.

Gbólóhùn owó yẹn gba ìṣọ́ra. Òótọ́ nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá máa gba owó, ẹ dárúkọ iye rẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá fi adùn ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, tí igbá wá jáde lọ́jọ́ ìpàdé, ìfilọ̀ tó bá tẹ̀ lé e kò ní rí ẹni gbà á gbọ́. Bí òfin ìjọ bá sì ní kí kókó ìpàdé wà ní kíkọ, ẹ tò ó sórí pátákó ìfilọ̀, níbi tí ojú ti lè kà á.

Kí ẹ tó gbé e lọ síwájú ìjọ, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Ẹ gba ìwé náà, kí ẹ bi í ní ọjọ́, aago, ibi ìpàdé àti ohun tí a fẹ́ pinnu. Èyí tó bá ṣì mú níbẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ìpàdé, ìfilọ̀ kékeré kan ṣì kù, ti àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá: “Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Páànù apá ẹ̀yìn la fẹnu kò sí pé ká pààrọ̀. Káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.”