Orí Ọmọ Pé, Ariwo Rẹ̀ Pọ̀: Kí Ni Ká Kọ Sínú Rìsọ́ọ̀tì Rẹ̀?

Tẹ́ẹ̀mù ti ń lọ sópin, kò ní pẹ́ mọ́ tí wọ́n á pín rìsọ́ọ̀tì. Gbogbo wa la mọ ibi tí ojú òbí máa ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ipò tí ọmọ mú, lẹ́yìn náà wọ́n á sáré wo ìsàlẹ̀, níbi tí tíṣà kíláàsì ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìlà méjì péré ni o. Síbẹ̀, ìlà méjì yẹn lè sọ bóyá ọmọ á jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín tàbí pẹ̀lú omijé, bóyá wọ́n á wá lẹ́sìn fún un tàbí wọ́n á ní kó kúrò ní ilé ìwé yìí pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro kọ jù lọ ni ti ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tó sì tún ń dí kíláàsì lọ́wọ́. Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù: "Ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n aláriwo ni. Kó tún ìwà rẹ̀ ṣe." Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo màmá tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, tó ń ka ìwé yìí lábẹ́ bíríìjì Ọbalẹ́ndé bó ṣe ń dúró de ọkọ̀. Kí ló fẹ́ ṣe sí i? Kò mọ irú ariwo tí ọmọ ń pa, kò mọ ìgbà tó ń pa á, kò sì mọ ẹni tó ń pa á lára. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó jágbe mọ́ ọmọ tàbí kó mú bẹ́líìtì. Lọ́la, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ohun kejì ni pé "aláriwo" kì í ṣe ohun tí ọmọ ṣe, orúkọ ni. Àwọn àgbà sì sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Tíṣà tó máa gba ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀ á ti mọ orúkọ yẹn kó tó mọ ojú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ pè síta.

Kí a tó kọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwé náà ti sọ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìlànà 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, kì í ṣe ìdánwò ìparí tẹ́ẹ̀mù nìkan ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, tẹ́ẹ̀sì inú tẹ́ẹ̀mù ní 40, ìdánwò ní 60. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ti ń fi 1 sí 5 díwọ̀n ìwà: ìmọ́tótó, títètè dé, ọ̀wọ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọmọ kan bá gba 91 nínú ìṣirò, tó sì gba 2 nínú ìkóra-ẹni-níjàánu, ìwé ti sọ fún màmá rẹ̀ pé orí rẹ̀ pé, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Tíṣà tó bá tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ kàn tún un sọ ni. Ohun tí nọ́ńbà ò lè sọ ló yẹ kó wà níbẹ̀: ìgbà wo, níbo, kí ló ṣáájú rẹ̀, kí la ti gbìyànjú, kí ló kù.

Ibi tí a ti ń rí ìdáhùn yẹn ni ìwé kékeré kan tí tíṣà máa ń kọ nǹkan sí kí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó dé. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ọmọ kan tí a ó pè ní Lágbájá, tó wà ní kíláàsì kejì ní júníọ̀. Ká sọ pé tíṣà kíláàsì rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkigbà tí Lágbájá bá dí kíláàsì lọ́wọ́, tíṣà á kọ nǹkan mẹ́ta: ohun tó ń lọ lọ́wọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe gan-an, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Kò ní kọ "ó ya ìpáǹle." Á kọ "ó na ọwọ́ gba ìwé ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, àwọn méjì rẹ́rìn-ín, mo dákẹ́ iṣẹ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ká sọ pé ìgbà mọ́kànlá ló wà nínú ìwé yẹn. Tíṣà wá jókòó, ó kà wọ́n. Mẹ́jọ nínú wọn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Lágbájá ti parí iṣẹ́ kíláàsì tirẹ̀, tí àwọn yòókù ṣì ń kọ. Mẹ́ta tó kù ṣẹlẹ̀ nígbà tí tíṣà ń kọ́ni lọ́wọ́: ọmọ náà ń pariwo ìdáhùn láìnawọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà? A ò sọ̀rọ̀ "aláriwo" mọ́. Ọmọ tó tètè parí iṣẹ́, tí kò sì rí nǹkan ṣe, là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àṣà kejì tó yàtọ̀ sí i.

Tíṣà tó fẹ́ ṣe òdodo á tún bi àwọn olùkọ́ yòókù. Tí wọ́n bá sọ pé bákan náà ni nínú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ níbi tí ọwọ́ gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, a tún ti rí ẹ̀rí kan sí i. Á sì wo àwọn ọmọ tó kù. Tó bá jẹ́ pé mẹ́fà ló ń pariwo ìdáhùn, tí orúkọ Lágbájá nìkan wà nínú ìwé, ìwé yẹn ò ṣe òdodo, nítorí ẹni tí ojú ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n kà.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí tíṣà gbìyànjú nǹkan kí tẹ́ẹ̀mù tó parí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, bí Lágbájá bá ti ń parí, ó ń fún un ní ìbéèrè méjì tó le sí i. Ká sọ pé ìgbà mẹ́rin ló wá rí kọ: ẹyọ kan lẹ́yìn iṣẹ́, mẹ́ta nígbà ẹ̀kọ́. Ti àkọ́kọ́ ti bọ́ láti mẹ́jọ sí ọ̀kan. Ti ìpariwo ìdáhùn ò yí padà rárá. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí òbí mọ̀.

Ìsinsìnyí la wá lè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní apá mẹ́rin: ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú ẹ̀rí, ohun tó ń ṣe àti ìgbà tó ń ṣe é, ohun tó ti ràn án lọ́wọ́, àti ohun kan tó kù fún un láti ṣe. Bí yóò ṣe rí nìyí:

"Lágbájá gba 91 nínú ìṣirò, ó sì máa ń ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ yékéyéké. Tó bá parí iṣẹ́ ṣáájú àwọn yòókù, ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í rí tiwọn parí. Láti ìgbà tí mo ti ń fún un ní ìbéèrè tó le sí i, èyí ti dínkù gan-an. Ohun tó kù ni kó máa nawọ́ kó tó dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi í léèrè lórí èyí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ṣùgbọ́n" lẹ́yìn ìyìn. Bí "ṣùgbọ́n" bá ti wọlé, òbí á gbàgbé ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí "nígbà gbogbo" náà, nítorí kì í ṣe nígbà gbogbo. Ìwé tíṣà ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn náà san owó ìwé, tíṣà ò gbọdọ̀ fi ìyà wọn pamọ́ nítorí pé ẹlòmíì mọ ìwé.

Tí àyè kò bá gba gbogbo rẹ̀, àlàyé ìyìn ni ká gé, ká má gé "ìgbà wo" àti "kí ló kù": "Ó gba 91 nínú ìṣirò. Ó máa ń bá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bá tètè parí iṣẹ́. Ìbéèrè tó le sí i ti dín èyí kù. Kó máa nawọ́ kó tó dáhùn." Bí wọ́n bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, apá mẹ́rin yìí kan náà ni.

Àṣìṣe mìíràn wà tó ń dùn létí. Àwọn kan máa ń kọ pé "ẹlẹ́mìí ìṣọ̀yàyà ni, ó máa ń kópa gan-an." Tíṣà mọ ohun tó fẹ́ sọ, òbí ò mọ̀. Títí di ọjọ́ tí wọ́n á fi lé ọmọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyìn ni wọ́n rò pé àwọn ń kà. Ìyẹn náà kì í ṣe òdodo.

Àṣìṣe tó burú jù ni sísọ àsọtẹ́lẹ̀. Ní 1949, ní ilé ìwé Eton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà kan kọ nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Gurdon pé kì í gbọ́ràn, pé ọ̀nà ti ara rẹ̀ ló fẹ́ máa gbà ṣiṣẹ́. Tó bá dúró níbẹ̀, tó sì fi àpẹẹrẹ kan kún un, ọ̀rọ̀ tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó ní ẹ̀rín ni láti rò pé ọmọ yìí lè di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2012, Gurdon gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí tíṣà rí lójú ló lè kọ. Ọjọ́ iwájú kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kó má sọ ara rẹ̀ di dókítà. Kíkà ń fi ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ hàn, kì í fi ìdí rẹ̀ hàn tán. Tó bá jẹ́ pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ni, tí iṣẹ́ tó le sí i kò yí nǹkan padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ etí, ojú, oorun tàbí ọ̀rọ̀ ilé. Olùdámọ̀ràn ilé ìwé àti òbí ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn lójúkojú, kì í ṣe inú rìsọ́ọ̀tì. Kódà, kò yẹ kí òbí kọ́kọ́ gbọ́ ohunkóhun tó le lórí rìsọ́ọ̀tì. Tó bá ti tó kọ, ó ti tó pe òbí sí láàárín tẹ́ẹ̀mù.

Kí tíṣà tó fọwọ́ sí i, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Tí mo bá yọ orúkọ kúrò, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò lè jẹ́ ti ọmọ mìíràn? Ṣé mo lè kà á sókè níwájú màmá àti ọmọ papọ̀? Ṣé ọmọ á mọ ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú tẹ́ẹ̀mù tuntun? Tí ọ̀kan bá kùnà, kó tún un kọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ wa náà, tí rìsọ́ọ̀tì yín bá ní ká "tún ìwà ṣe" láìsọ èwo, ẹ fi ọ̀wọ̀ lọ bá tíṣà kíláàsì yín. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jọ̀wọ́ mà, ìgbà wo ni mo máa ń ṣe é jù?" Ìdáhùn tó bá jáde níbẹ̀ ló yẹ kó ti wà nínú ìwé.