Iye Ọmọ Inú Kíláàsì àti Tábìlì Onílà Méjì

Ṣé lóòótọ́ ni pé bí ọmọ bá pọ̀ nínú kíláàsì, èsì ìdánwò a máa lọ sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ni James Stock àti Mark Watson fi kọ́ni ní rigírẹ́ṣọ̀n nínú ìwé wọn lórí ẹkonomẹ́tíríìsì. Agbègbè ilé-ìwé 420 ní Kalifóníà ni wọ́n wò. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tẹ èsì rẹ̀ jáde nìyí:

```
             Estimate  Std. Error  t value  Pr(>|t|)
(Intercept)  698.93    10.364      67.44    < 2.2e-16
STR           -2.280    0.519      -4.39    1.4e-05
```

R² ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Ìlà STR ni kí wọ́n wò, ìyẹn iye akẹ́kọ̀ọ́ tó kan olùkọ́ kan. Kóẹfíṣẹ́ǹtì rẹ̀, -2.28, ń sọ pé bí agbègbè kan bá fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ju òmíràn lọ lórí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì rẹ̀ yóò fi bíi 2.28 kéré sí tọ̀hún. 698.93 tó wà lókè jẹ́ máàkì kíláàsì tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò sí, nítorí náà kò sóhun tí a fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Ká ní agbègbè 420 mìíràn ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, -2.28 kọ́ ni wọn ì bá rí gẹ́lẹ́. Àṣìṣe òdiwọ̀n, 0.519, ló ń sọ bí òǹkà náà ṣe lè yẹ̀ tó. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.96, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú -2.28, ẹ tún rò ó mọ́ ọn: ẹ óò rí -3.30 àti -1.26. Òdo kò sí láàárín méjèèjì.

1.4e-05 ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe 1.4, 0.000014 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí iye ọmọ kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú máàkì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá péré nínú mílíọ̀nù kan ni kòńgẹ́ lásán fi lè gbé t jìnnà sí òdo tó báyìí. Kò sọ pé àǹfààní kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ irọ́ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku R². 0.051 ni, èyí tó fi hàn pé iye ọmọ ṣàlàyé ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì àwọn agbègbè. Èyí kò pa -2.28 rẹ́. Ó kàn ń sọ pé ohun mìíràn pọ̀ tó ń fa máàkì.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìpín àwọn ọmọ tó ṣì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi í kún un, R² fò sókè di 0.426, ṣùgbọ́n kóẹfíṣẹ́ǹtì STR já wálẹ̀ sí -1.10, àṣìṣe òdiwọ̀n rẹ̀ sì di 0.43. Agbègbè tí kíláàsì rẹ̀ kún ló sábà máa ń ní àwọn ọmọ wọ̀nyí púpọ̀, máàkì wọn sì máa ń kéré. Tábìlì àkọ́kọ́ ti di ẹrù tiwọn lé iye ọmọ lórí, p rẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò sì ta ẹnikẹ́ni lólobó.