Ṣé o mọ̀? Ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ojú akàròyìn pamọ́

Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1954, BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ojoojúmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n láti Alexandra Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn Richard Baker ló ṣí ètò náà, ṣùgbọ́n òǹwòran kankan ò rí ojú rẹ̀. Àwòrán tí kì í mira àti máàpù ló ń hàn bí wọ́n ti ń ka ìròyìn lọ, fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn ọ̀gá: bí akàròyìn bá rẹ́rìn-ín tàbí tó fajú ro, aráàlú lè rò pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Orogún ló yí wọn lọ́kàn padà. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1955, ni BBC bá sáré fi ojú Kenneth Kendall hàn níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, láìdárúkọ rẹ̀. ITN, tó ń ṣe ìròyìn fún ITV, kò fi orúkọ pamọ́ ní tirẹ̀. Christopher Chataway ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jókòó, sárésáré tó wà lára àwọn tó ṣíwájú fún Roger Bannister lọ́jọ́ tó sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú 4. Wọ́n tún gbà kí akàròyìn fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tún ìròyìn kọ.