Bí Ẹ̀sùn Oníbàárà Ṣe Ń Gòkè
Ní ibùdó tí oníbàárà báńkì ń pè sí, ẹni tó gbé ìpè ló ni ìpele kìíní, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ìkejì, ẹ̀ka tó lè dá owó padà ló sì ni ìkẹta. Ẹ̀sùn kì í gòkè nítorí pé oníbàárà pariwo, bí kò ṣe pé agbára ẹni tó gbé ìpè kò ká a.

Ká ní obìnrin kan fi ₦20,000 ránṣẹ́, tí owó kúrò ní àkáǹtì rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dé ibi tó ń lọ. Èsì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ yìí máa ń fi àyè sílẹ̀ fún iye owó àti àkókò: “Ẹ má bínú, mà. Mo rí i pé ₦20,000 kúrò láàárọ̀ yìí. Mo ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí i. A ó pè yín kó tó di aago mẹ́rin ọ̀la.” “A ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀” lásán ló ń mú kí èèyàn tún pè.

Bó bá tún pè lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀gá ni kó gbà á, kó ti ka àkọsílẹ̀ ìpè àkọ́kọ́, kí obìnrin náà má baà tún ẹjọ́ rò. Ti jìbìtì kì í dúró de ìpele: àkáǹtì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì pa.