Ọ̀gá, Ọkọ̀ Wa Bàjẹ́ ní Kárà

Àwọn tó ń gbé Ìbàfò tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà mọ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn bí ẹni mọ ojúlé ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá ṣubú lórí afárá Kárà, níbi tí odò Ògùn gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù, àti iwájú àti ẹ̀yìn ló máa dì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n sọ fún ọ̀gá ibiṣẹ́ ní ọ̀nà tó máa wúlò fún un.

"Ẹ má bínú, mo wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, mo ti ń bọ̀." Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ràn ọ̀gá lọ́wọ́. Kò lè fi í pinnu bóyá kí ìpàdé aago mẹ́sàn-án dúró, tàbí kí ẹlòmíràn jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Aago ni ó ń wá. Ṣíṣírò aago yìí ló sì le jù, nítorí ẹ̀rù máa ń jẹ́ ká dín in kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń gbowó ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà, tí iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ dáńfó tó wọ̀ gbóná ní Kárà, omi rẹ̀ ń hó, kọ̀ndọ́ sì ń dá owó padà fún èrò. Máàpù orí fóònù rẹ̀ sọ pé wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni ibẹ̀ sí Màrínà. Tó bá gba máàpù gbọ́ báyìí, á sọ fún ọ̀gá pé aago mẹ́jọ gééré lòun máa dé. Irọ́ ni yóò já sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa á tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ tó ti ń rìn ni máàpù ń ṣírò fún. Kò mọ̀ pé ó lè tó ìṣẹ́jú 25 kí ọkọ̀ mìíràn tó láyè tó dúró gbé e. Kò mọ̀ pé dáńfó náà yóò tún pe èrò ní Bẹ́gà fún ìṣẹ́jú 15, tàbí pé yóò fẹsẹ̀ rin ìṣẹ́jú 10 láti bọ́sítọ́ọ̀pù. Bó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọ̀nà àárọ̀ sì tún máa ń kún sí i bí aago méje bá ti kọjá. Nítorí náà, aago méjì ló yẹ kó sọ: èyí tó ṣeé ṣe kó dé, àti èyí tí kò ní kọjá. Ìkejì yẹn ni ọ̀gá fi ń ṣètò.

Ohun tó yẹ kó tẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di pé ọkọ̀ kejì dé rèé:

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ bàjẹ́ ní Kárà báyìí, mo ń dúró de òmíràn. Mo lérò pé màá dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kò ní kọjá mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Màá tún kàn sí yín tí mo bá dé Òwòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà."

Nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí ó tún pe ọ̀gá lórí fóònù, torí àtẹ̀jíṣẹ́ lè wà níbẹ̀ láìkà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan. Kí ó yà síbi tí kò léwu ná, tàbí kí ẹni tó jókòó tì í bá a tẹ̀ ẹ́.

Mo mẹ́nu ba Òwòrò nítorí pé ibẹ̀ ni dáńfó ti ń gun afárá gígùn orí ọ̀sà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Béèyàn bá ti gùn ún, ibi tó lè yà sí kò pọ̀. Bó bá rí i láti Òwòrò pé afárá ti dì, ìgbà yẹn gan-an ni kó sọ aago tuntun, kì í ṣe ìgbà tí mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá kọjá. Ọ̀gá tó gbọ́ pé aago yí padà ṣì lè sún ìpàdé síwájú. Ẹni tó ti ń dúró láìgbọ́ nǹkan kan kò ní gba aago rẹ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ojoojúmọ́ kò tó àwíjàre, nítorí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ̀nà yẹn ló ń bá a pàdé. Sọ ohun tó yàtọ̀ lónìí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí o sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá náà ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà lórí rédíò.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, bí irú iṣẹ́ yìí bá dé, ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ohun tí ẹ pinnu lórí ìpàdé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ń pè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún yóò fi bátìrì fóònù rẹ̀ tán kó tó dé Òwòrò.